Pákó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́mbà tiẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí ilẹ̀ onípákó nínú Blender

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń fi Blender ya ilé fún kásítọ́mà l'Óṣogbo níbí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ onípákó ni mo gbé wá, èyí tá a fi nóòdù ṣe látòkèdélẹ̀ tí kò sí fọ́tò kankan nínú ẹ̀. Táìsì ló kún ilé wa, ọ̀pọ̀ yín ò tíì tẹ ilẹ̀ onípákó rí, torí náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nóòdù ẹ kọ́kọ́ lọ sí sọ́mìlì, ẹ to pákó ìrókò mẹ́ta síra wọn, kẹ́ ẹ lóṣòó kẹ́ ẹ wò ó. Ìlà ara pákó kan kì í kọjá sórí ìkejì, etí ló máa ń gé sí, àwọ̀ wọn náà ò sì bára mu. Tí ìlà bá ti ń rìn lọ láti pákó kan dé òmíì nínú rẹ́ńdà yín, ojú á ti mọ̀ pé ayédèrú ni, kódà kẹ́ni tó ń wò ó má mọ nǹkan tó ń dà á láàmú.

Ká mú palọ̀ kan l'Ókè-Fìà, mítà 5 sí mítà 4. Ẹ tẹ Ctrl+A kẹ́ ẹ yan Scale lórí ilẹ̀ yẹn ná, torí Object tó wà lára Texture Coordinate la máa lò, ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá sì fà láì ṣe ìyẹn, pákó ẹ̀ á fà tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ mú Brick Texture, Scale 1, Brick Width 1.2, Row Height 0.12. Ó ti di pákó tó gùn ní mítà kan àti díẹ̀, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12.

Ibi tí wàhálà wà ni Offset. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ní 0.5, ó máa dà bí ògiri búlọ́ọ̀kù, oríkèé pákó á máa bọ́ sójú kan náà ní gbogbo ìlà méjì méjì. Yíyí nọ́mbà yẹn padà ò ràn án, torí iye kan náà ló máa fi ń sún gbogbo ìlà tó bá sún. Ẹ sọ ọ́ di 0, kẹ́ ẹ wá fúnra yín sún X kó tó wọnú Brick Texture, nóòdù Math àti White Noise Texture (1D) lẹ máa fi ṣe é:

```
row = floor(Y / 0.12)
X2  = X + 1.2 * WhiteNoise(row)
```

Ìlà kọ̀ọ̀kan á sún bó ṣe wù ú, bí káfíńtà gidi ṣe ń to ó.

Ó wá kan nọ́mbà pákó. Ẹ ṣe Brick Texture yẹn ní méjì, ẹ fi Combine XYZ so X2 pọ̀ mọ́ Y, òun kan náà ni kó wọnú Vector méjèèjì. Lórí àkọ́kọ́, Color1 dúdú, Color2 funfun, Mortar Size 0, pákó kọ̀ọ̀kan á mú àwọ̀ eérú tiẹ̀, ìyẹn gan-an ni nọ́mbà ẹ̀. Ẹ má fi èyí tó ní àlàfo ṣe nọ́mbà o, torí àwọ̀ àlàfo máa ń dà pọ̀ mọ́ ti pákó létí, ẹ máa rí ìlà wẹ́wẹ́ tí kò nítumọ̀ níbẹ̀. Ẹ wá fi 50 ṣe ìlọ́po nọ́mbà yẹn, kó wọ W Noise Texture tó wà ní 4D, Scale 4, kí Mapping ẹ̀ jẹ́ 1 ní X, 20 ní Y kí ìlà lè gùn. Pákó kọ̀ọ̀kan ti ní ìlà ara tiẹ̀ nìyẹn. Nọ́mbà yẹn náà lẹ máa fi yí àwọ̀ padà díẹ̀ nínú Color Ramp, díẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe aṣọ àdìrẹ.

Bump wá kù. Brick kejì ló máa fún wa ní àlàfo: Mortar Size 0.001, àlàfo á wá fẹ̀ ní mìlímítà 2, torí etí pákó méjèèjì ló ti ń jẹ ẹ́, Mortar Smooth 1, kí etí lè dagẹ̀rẹ́ wọlẹ̀ dípò kó gé ṣákálá. Fac ẹ̀ máa ń fún àlàfo ní 1, ó sì ń fún pákó ní 0, ẹ gbọ́dọ̀ yí i padà (1 - Fac), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àlàfo á yọ sókè bí okùn. Bump méjì ni mo máa ń lò. Èyí tó gba ìlà ara pákó ní Distance 0.0003, Normal ẹ̀ á wọ Normal ti èkejì, èkejì yẹn ló gba àlàfo, Distance 0.002, òun ló wá lọ sí Principled BSDF.

Kẹ́ ẹ tó gbàgbọ́ pé ó dáa, ẹ yọ àwọ̀ kúrò ná, ẹ fi eérú lásán sí Base Color, kẹ́ ẹ jẹ́ kí oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé bí ìgbà tó fẹ́ wọ̀. Tí ilẹ̀ bá rí bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí, Distance ti pọ̀ jù. Tó bá ń tàn wínníwínní lápá ibi tó jìnnà sí kámẹ́rà, ìlà ara pákó ló ti wẹ́ jù fún ìwọ̀n fọ́tò yín, ẹ dín Detail kù. Bump ò sì sún nǹkan kan o, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń tàn jẹ. Tí kámẹ́rà bá máa sún mọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí etí pákó ti máa hàn, ẹ fi mẹ́ẹ̀ṣì ya pákó tó wà níbẹ̀, méjì mẹ́ta péré náà ni.