Abeg tí kò ní ẹ̀bẹ̀ nínú

Ọjọ́bọ̀.

Ohun tó ń dààmú ará Jámánì tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ni “abeg”. Wọ́n ti sọ fún un pé “jọ̀ọ́” ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì gbà. Láàárọ̀ yìí ló gbọ́ tí akọ̀wé wa sọ fún dírẹ́bà pé, “Abeg, help me carry dis load.” Dírẹ́bà ní ẹ̀yìn ń dun òun. Akọ̀wé ju ọwọ́ nù, ó ní, “Abeg, abeg!” ó sì gbé ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òyìnbó wá bi mí pé, ẹ̀bẹ̀ wo ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn?

Mo ní kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Bí o bá gbọ́ “abeg”, dúró kí o gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ohun tí ẹni náà ń fẹ́ bá tẹ̀ lé e, ẹ̀bẹ̀ ni. Bó bá dá dúró, tàbí tí wọ́n pè é léraléra, “fi mí lọ́rùn sílẹ̀” ni wọ́n ń wí. Bí “jare” bá wá gun orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àwa náà kúkú ń ṣe bẹ́ẹ̀: “Jọ̀ọ́, bá mi mú un” yàtọ̀ sí “Jọ̀ọ́, má yọ mí lẹ́nu.”

Ibi tó ti le ni pé “abeg” kò mọ àgbà. Àwa ní “jọ̀ọ́”, a ní “ẹ jọ̀ọ́”. Pìjínì kò ní irú “ẹ” bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ tó gbọ́n fi ń sọ pé “abeg sa”, “abeg ma”. Mo ní kó má tilẹ̀ sọ ọ́ sí ọ̀gá wa rárá. Àǹtí tó ń bójú tó owó ní kó sọ ọ́, pé ẹ̀rín ni ọ̀gá máa rín. Èmi kò fọkàn tán ẹ̀rín yẹn.

“Wahala” rọrùn díẹ̀. Ọ̀dọ̀ Haúsá ló ti wá, àwa náà sì ti sọ ọ́ di tiwa. “No wahala” gan-an ló kó bá a. Ó bi ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe bóyá iṣẹ́ á parí lọ́jọ́ Ẹtì, onítọ̀hún ní “No wahala,” òyìnbó sì ti kọ ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀. Mo ní ọkùnrin náà kàn ń sọ pé òun gbọ́, pé kò sí ìjà láàárín wọn ni. Kò dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kó béèrè pé, “Which time you go come?” kó sì dúró gba aago kan pàtó.

Ó lọ béèrè lóòótọ́. Ọkùnrin náà gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Oga, I dey come.”