Ẹyin kan ṣoṣo, ìdajì kéèkì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kéèkì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún àkọ́kọ́ fún yín. Ọ̀gá mi ní kí n dán ìlànà tuntun kan wò, àmọ́ kí n ṣe ìdajì, ká má baà fi nǹkan ṣòfò. Mo pín ìyẹ̀fun sí méjì, mo pín ṣúgà, mo pín mílíìkì. Ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ "ẹyin 1" sí, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fọ́ odindi ẹyin náà sínú abọ́. Mo ní kí ló fẹ́ ṣe? Kéèkì náà jáde, ó wú, ojú rẹ̀ ń dán. Ọ̀gá mi fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ta ìka náà padà bíi rọ́bà. Wọ́n já díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ títí, wọ́n wá bi mí pé, "Ẹyin mélòó lo fi sí i?"

Bí ẹ bá fọ́ ẹyin ńlá kan, tí ẹ da èèpo nù, ohun tó kù nínú abọ́ tó nǹkan bí 50 gíráàmù. Funfun rẹ̀ lé díẹ̀ ní 30, pupa rẹ̀ tó bíi 18. Ìdajì tí mo yẹ kí n lò jẹ́ 25, èmi wá lo ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹyin ni omi, nítorí náà 25 tó lé yẹn gbé omi tó lé díẹ̀ ní ṣíbí ńlá kan wọ inú kéèkì mi. Ìyẹn ṣì ṣeé tún ṣe, torí a lè dín mílíìkì kù. Ohun tí a ò lè yọ ni purotéènì inú ẹyin, tó máa ń dì nígbà tí iná bá kàn án. Òun ló sọ kéèkì mi di rọ́bà.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi rí bákan náà nínú gbogbo nǹkan. Bó bá jẹ́ páńkéèkì lẹ fẹ́ ṣe, ẹ lè fi odindi ẹyin sí i, kí ẹ dín mílíìkì kù ní ṣíbí ńlá kan, ẹni tó ń jẹ ẹ́ lè má mọ̀. Bisikíìtì tí kò ní mílíìkì nínú rárá kò ní gbà fún yín: kò síbi tí ẹ ti máa yọ omi yẹn, á wú bíi kéèkì dípò kó rún lẹ́nu. Àwọn kan máa ń sọ pé kí a lo pupa nìkan. Ó dáa fún bisikíìtì, torí ọ̀rá pọ̀ nínú pupa. Ní ti kéèkì, èmi ò fara mọ́ ọn, funfun wúlò níbẹ̀ láti gbé e ró.

Bí a ṣe ń pín ẹyin rèé. Ẹ fọ́ ọ sínú abọ́ kékeré, ẹ fi fọ́ọ̀kì lù ú títí ẹ ò fi ní rí funfun tó ń fà bí okùn mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe nìyí: bí funfun bá ṣì wà lódidi, bí ẹ bá ti dorí abọ́ kodò díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yọ̀ bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pupa nìkan lá kù sílẹ̀ fún yín. Iyọ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú, máa ń jẹ́ kó tètè rọ̀. Ìwọ̀n ìka méjì ni mo wí o, ẹ má da gbogbo iyọ̀ kéèkì sínú rẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ìdajì iyọ̀ mi sì bá ẹyin tó kù lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ìfófòó rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ gbé abọ́ mìíràn sórí òṣùwọ̀n, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó padà sí òdo, kí ẹ máa da ẹyin náà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi kọ 25. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní òṣùwọ̀n, ẹ wọn ṣíbí ńlá kan àti ìdajì, kí ẹ kán díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fi ṣíbí wọn ẹyin nígbà tó ṣì ń fófòó, afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n.

Ní ti ṣíbí, ẹ̀kọ́ kan ló gbà mí: gbogbo nǹkan tí kò bá ṣeé pín, mo máa ń sọ ọ́ di ṣíbí tíì. Ṣíbí ńlá kan jẹ́ ṣíbí tíì 3 (àfi àwọn ará Ọsirélíà, tiwọn jẹ́ 4), ife kan sì jẹ́ ṣíbí ńlá 16. Kéèkì ọjọ́ náà gba ìdá mẹ́ta ife ṣúgà. Ta ló ní ìdajì ìdá mẹ́ta ife nílé? Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta ife jẹ́ ṣíbí tíì 16. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 8, ìyẹn ṣíbí ńlá 2 àti ṣíbí tíì 2. Òróró rẹ̀ jẹ́ ṣíbí ńlá 3, ìyẹn ṣíbí tíì 9, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 4 àti ààbọ̀. Béékìn páúdà jẹ́ ṣíbí tíì 1 àti ààbọ̀, mo wọn ìdajì ṣíbí àti ìdá mẹ́rin ṣíbí. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí ẹ bá ní "ṣe bí ṣíbí kan", ẹ ti fi ìdá mẹ́ta lé e: kéèkì á yára wú, àárín rẹ̀ lè jìn wọlé, ó sì lè korò lẹ́nu.

Iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ìdá mẹ́jọ. Ẹ má bu iyọ̀ dé àárín ṣíbí kí ẹ sọ pé ó ti dé ìdajì. Ìsàlẹ̀ ṣíbí tó rí roboto máa ń tín-ín-rín, ohun tó bá dé àárín jíjìn rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ohun tó ń gbà. Ẹ bù ú kún, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e kó tẹ́jú, ẹ dà á sórí pépà, ẹ tò ó gùn, kí ẹ fi ọ̀bẹ là á láàárín.

Ẹ má pín ooru ààrò sí méjì o. Mo ti rí ẹni tó ṣe é. Iná kò yí padà. Agbada kékeré lẹ máa wá, kí kéèkì má baà tẹ́ sílẹ̀ bíi bébà. Bí agbada yín bá fẹ̀ ní 20 sẹ̀ǹtímítà tẹ́lẹ̀, èyí tó fẹ̀ ní 14 ló sún mọ́ ìdajì rẹ̀ jù, kì í ṣe 10. Kó tó pé àsìkò tí wọ́n kọ, ẹ ti máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo tún un ṣe. Ọ̀gá mi fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ rọra gbéra padà. Wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n kàn ní, "Ẹyin tó kù ńkọ́?" Mo ní ó wà nínú fíríìjì, mo ti dé e. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n fi ṣíbí mílíìkì kan là á, wọ́n sì gbé búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́ kí n fi kun ojú búrẹ́dì tó kù láti wọ ààrò. "Tó bá ti lé ní ọjọ́ méjì níbẹ̀," ni wọ́n wí, "kó o dà á nù."