Má Fi Excel Ṣí I, Àbúrò Mi

Àbúrò mi, kí n tó gbé iṣẹ́ yìí lé ọ lọ́wọ́, jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ bí mo ṣe lé ọ̀gá àgbà kúrò níṣẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ ọ́ fún ọ nídìí alámàlà, ṣùgbọ́n iyọ̀ tí wọ́n fi sí i ti pọ̀ jù.

Láago 11 alẹ́, kọ̀ǹpútà ẹ̀ka òṣìṣẹ́ á kó gbogbo wa sínú `osise.csv`. Tó bá di aago 12 ààbọ̀ òru, kọ̀ǹpútà owó-oṣù á kà á. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ló fi ń dá wa mọ̀. Nọ́ńbà tí kò bá rí rí, òṣìṣẹ́ tuntun ni. Èyí tó mọ̀ tí kò sì sí nínú fáìlì, onítọ̀hún ti lọ nìyẹn. Kò ní bi ẹnikẹ́ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ 24, mo fi Excel ṣí i láti wo orúkọ ẹnìkan péré. Ó bi mí bóyá kí òun fi í pamọ́. Èmi tí mi ò lè sọ pé rárá fún ìyá alágbo, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lójú Excel, iye ni 00417, òdo iwájú kò sì wúlò fún un, ló bá sọ ọ́ di 417. Òdo ló ṣáájú nọ́ńbà gbogbo wa! Bí gbogbo ilé iṣẹ́ ṣe fiṣẹ́ sílẹ̀ lóru kan nìyẹn, tí wọ́n sì gbà wá padà lẹ́sẹ̀kan náà. Ọ̀gá àgbà, 00001, di 1: òṣìṣẹ́ tuntun, ó wà ní ìgbà ìdánwò.

Ọjọ́ 25 ni "iṣẹ́ tuntun" wa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ 6 nínú 30 ni ìwé owó-oṣù kà. Ẹni tó ń gba 300,000 náírà rí 60,000. 240,000 tó kù dúró de ìgbà tó bá dá láptọ́ọ̀pù padà. Orí afárá ni mo wà nínú dánfó, tí ọ̀gá pè láti bi mí ta ni òun máa dá tòun padà fún. Ọpẹ́lọpẹ́ pé owó ò tíì jáde.

Bó bá ṣe ọ́, má wulẹ̀ sọ òpó náà di Text. Òdo tó ti lọ kò ní padà. Lọ gbé fáìlì mìíràn jáde láti ẹ̀ka òṣìṣẹ́. `less` ni kó o máa fi wò ó. Òpó kìíní ni nọ́ńbà wà, ìkẹta sì ni àkáǹtì báńkì. Àṣẹ yìí á fi èyí tí kò pé hàn:

```
awk -F, 'NR>1 && (length($1)!=5 || length($3)!=10)' osise.csv
```

Bí kò bá sọ nǹkan kan, ó dáa. Bí ó bá kó ẹnìkan tí tiẹ̀ pé jáde, wo orúkọ rẹ̀ bóyá kọ́mà wà nínú ẹ̀. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ fẹ́ràn kọ́mà bí ẹní fẹ́ràn ẹran.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ṣé èmi nìkan ló jẹ̀bi? Ta ló kọ iṣẹ́ tó lè lé gbogbo ilé dànù láì wúkọ́? Mo ti fi `max_leavers = 5` sí i báyìí. Tí ẹni tó fẹ́ lọ bá ju márùn-ún, á dúró, á sì fi ímeèlì ránṣẹ́. Ọ̀gá oníṣirò á bẹ̀ ọ́ pé kó o sọ ọ́ di 500, torí ímeèlì ń dí òun lójú oorun. Sọ fún un pé kó sùn sí ọ́fíìsì.