Bí mo ṣe sọ ẹni tí wọ́n borí di ẹni tó borí: ohun tí mo kọ́ lára ọ̀rọ̀ kan ní èdè Pásíà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń túmọ̀ èdè Pásíà sí Yorùbá, gbólóhùn kan báyìí ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí. Inú ìròyìn eré bọ́ọ̀lù ni mo ti rí i. Agbábọ́ọ̀lù kan ń sọ̀rọ̀ nípa ìkọ̀ tirẹ̀, ó ní: «se gol khordim va faghat yek gol zadim.» Mo mọ̀ pé «se» ni ẹ̀ta, «gol» ni góòlù, «yek» ni oókan. Mo mọ̀ pé «khordan» (خوردن) ni jíjẹ, «zadan» (زدن) sì ni lílù. Mo bá kọ ọ́ pé: «A jẹ góòlù mẹ́ta, ọ̀kan péré la sì gbá.» Inú mi dùn pé èdè méjèèjì bára mu tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò kò gbọ́ Pásíà rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: «Bí wọ́n bá jẹ góòlù mẹ́ta, kí ló dé tí olùkọ́ wọn fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn èrò ní ìlà tó tẹ̀ lé e?»

Lẹ́nu tiwa, ẹni tó jẹ góòlù ló gbá a wọlé, bí ẹni tó ń jẹ ọmọ lórí ọpọ́n ayò ṣe ń borí. Lẹ́nu àwọn ará Ìráànì, ẹni tó jẹ góòlù ni wọ́n gbá a sí nínú àwọ̀n. Ẹni tó «lu» góòlù ló gbá a wọlé. Ìtumọ̀ tó yẹ kí n kọ ni: «Wọ́n gbá góòlù mẹ́ta sáwọ̀n wa, ẹyọ kan péré ni àwa gbá wọlé.» Nínú iṣẹ́ mi, ẹni tó bá kà á á rò pé àwọn ló gbá góòlù mẹ́ta wọlé, tí wọ́n sì borí. Nínú eré gan-an, ẹ̀ta sí oókan ni wọ́n fi pàdánù.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò pọ̀ ní èdè Pásíà òde òní. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú ọ̀rọ̀-orúkọ kan, wọ́n á so ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan mọ́ ọn nídìí, bíi «kardan» (ṣe), «zadan» (lù), «daadan» (fún), «gereftan» (gbà), «keshidan» (fà) tàbí «khordan» (jẹ). Ọ̀rọ̀-orúkọ ló gbé ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré yẹn ti sọ púpọ̀ nínú ìtumọ̀ tirẹ̀ nù. Ó ń sọ fún wa bóyá ẹni tí a dárúkọ ló ṣe nǹkan náà ni, tàbí òun ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí. «Harf» ni ọ̀rọ̀, «harf zadan» sì ni kí èèyàn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n lù níbẹ̀.

«Khordan» ni mo ní kí ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́, torí pé òun ló máa ń tan Yorùbá jù. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́: a ń jìyà, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ̀bi, ọmọ iléèwé ń jẹgba. Ibi tí méjèèjì ti bára mu, iṣẹ́ a máa dùn. «Az Ali kotak khordam», tó túmọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ sí «láti ọ̀dọ̀ Àlí, lílù, mo jẹ», kò ju «Mo jìyà lọ́wọ́ Àlí» lọ. «Az» yẹn gan-an ni «lọ́wọ́» wa.

Ẹ wá wo «gul», tó túmọ̀ sí ẹ̀tàn. «Gul zadan» ni kí èèyàn tan ẹlòmíì jẹ. «Gul khordan» ni kí wọ́n tan èèyàn jẹ. Ẹ rí i pé «jẹ» wà nínú ọ̀rọ̀ tiwa náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlẹ́tàn ló wà, òun ló ń jẹ ẹni tó tàn. Ní Pásíà, ẹni tí wọ́n tàn ló ń jẹ ẹ̀tàn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí «gul khord», ẹ má kọ ọ́ pé «ó tàn án jẹ». «Wọ́n tàn án jẹ» ni. Bákan náà ni «shekast», ìṣẹ́gun láti ẹ̀gbẹ́ ẹni tó pàdánù: «shekast daad» ni «ó ṣẹ́gun», «shekast khord» ni «wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀». «Wọ́n» tí a kì í mọ ẹni tó ń tọ́ka sí yìí ni irinṣẹ́ yín tó dára jù fún «khordan». Ẹ má bẹ̀rù láti lò ó, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ nínú gbólóhùn Pásíà náà.

Kì í ṣe gbogbo «khordan» ló ń tọ́ka sí ẹni tí ìyà jẹ o. «Sogand khordan» ni kí èèyàn búra. (Àwọn onímọ̀ sọ pé ìmí-ọjọ́ ni «sogand» nígbà láéláé, tí wọ́n ń mu omi rẹ̀ láti fi búra; «khordan» sì kan jíjẹ àti mímu. Mo máa ń rántí ìmùlẹ̀ tiwa nígbàkígbà tí mo bá rí i.) Oúnjẹ gidi náà sì wà, bíi «ghazaa khordan», kí èèyàn jẹun. Báwo la ṣe ń mọ ìyàtọ̀? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, «raa», tó máa ń tẹ̀ lé ohun pàtó tí nǹkan ṣe sí. «Ghazaa raa khordam» bójú mu: mo jẹ oúnjẹ náà. Ṣùgbọ́n «zamin khordam» ni «mo ṣubú», bó tilẹ̀ jẹ́ pé «zamin» ni ilẹ̀. Bí ẹ bá fi «raa» sí àárín wọn, ìṣubú ti bọ́ lọ, ó ti di ẹni tó ń bu ilẹ̀ jẹ. Ibi tí «raa» bá ti ba ìtumọ̀ jẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ méjèèjì ti di ọ̀kan nìyẹn, ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kan fún un.

Òmíràn tó dà mí láàmú ni pé ọ̀rọ̀ míì máa ń bọ́ sí àárín wọn. «Gulam zad»: «am» tó wà láàárín yẹn ni «mi», gbólóhùn náà sì ni «ó tàn mí jẹ». Ẹ wo bí «mí» ṣe jókòó sí àárín «tàn» àti «jẹ» lẹ́nu tiwa náà. Èyí kò le. Èyí tó le ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe, bíi «shekast-e sakhti khordim». «Sakht» ni ohun tó le, «-e» ló so ó mọ́ «shekast». Mo ti kọ ọ́ rí pé «a jẹ ìṣẹ́gun líle», Yorùbá kankan kò sì lè sọ irú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti di ọ̀rọ̀-ìṣe nínú ìtumọ̀ yín, àpèjúwe rẹ̀ kò níbi tó máa fara tì mọ́. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀: «Wọ́n ṣẹ́gun wa pátápátá.» Bó bá jẹ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù ni, mo máa ń kọ ọ́ pé: «Wọ́n nà wá bí ẹni na bàrà.»