Èsì tí mo fún ẹni tó wá mi wá ní bòókẹ́lẹ́

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Lọ́jọ́ Ajé ni obìnrin kan kọ̀wé sí mi lórí LinkedIn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wá ọ̀gá. Ó ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ ń wá ọ̀gá àgbà pátápátá, pé àwọn kan ti dárúkọ mi fún òun, kí n sì jọ̀ọ́ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ sáàárín wa. Kò sọ orúkọ ilé iṣẹ́ ọ̀hún. Ìyẹn kò bí mi nínú, torí ó ṣeé ṣe kí ẹni tó wà lórí àga lọ́wọ́lọ́wọ́ má tíì mọ̀ pé wọ́n ń wá arọ́pò.

Kí n tó dáhùn, mo wá nọ́ńbà ọ́fíìsì obìnrin náà fúnra mi, mo sì pè é. Mi ò lo èyí tó fi ránṣẹ́. Òótọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun kejì tí mo fẹ́ mọ̀ ni irú àdéhùn tó wà láàárín òun àti oníbàárà rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ àfi tí ẹni tí wọ́n mú wá bá gba iṣẹ́. Irú wọn máa ń fọ́n ìwé ìtàn iṣẹ́ ènìyàn káàkiri, bóyá ọ̀kan á bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí oníbàárà dìídì gbà fún iṣẹ́ náà, tó sábà máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọdún àkọ́kọ́ ọ̀gá tuntun náà, ni wọ́n ti ń san díẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun nìkan ló ń ṣe é, kò sì sí ohun tó ń lé e. Irú ẹni yìí ni mo lè bá sọ̀rọ̀, obìnrin náà sì jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni tiwọn rí.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ èsì mi, àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

«Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Mi ò wá iṣẹ́ kiri, ṣùgbọ́n ipò yìí tó ohun tí mo lè fetí sí. Ẹ jọ̀ọ́, fóònù àti ímeèlì tó wà nísàlẹ̀ yìí nìkan ni kí ẹ máa lò. Ẹ má pe ọ́fíìsì mi, ẹ má sì bá akọ̀wé mi sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ mọ ìdí tí àga náà fi fẹ́ ṣófo, ẹni tó máa pinnu gan-an, àti bóyá ẹnì kan wà nínú ilé iṣẹ́ náà tí wọ́n ti ń wò fún un. Ẹ má fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, títí kan oníbàárà yín, ẹ má sì bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa mi, àfi tí mo bá kọ̀wé fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́fà ni àdéhùn iṣẹ́ mi ní kí n fi sọ tẹ́lẹ̀ kí n tó kúrò.»

Mo dúró pẹ́ lórí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Mo ti kọ́kọ́ kọ ìgbà tó máa rọ̀ mí lọ́rùn láti kúrò àti ìdí rẹ̀, mo sì pa á rẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó ìṣirò owó ilé iṣẹ́ tí àwọn aráàlú ní ìpín nínú rẹ̀. Tí mo bá ní mi ò lè kúrò nítorí iṣẹ́ ńlá kan tí a fẹ́ parí, ẹni tó gbọ́n lè mọ ohun tí a kò tíì kéde. Oṣù mẹ́fà wà nínú ìwé àdéhùn. Kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ti pé kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni léèrè, mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ibẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti sábà máa ń jò. Ẹni tó ń bá wọn wá ọ̀gá á pe ẹnì kan tó ti bá ọ ṣiṣẹ́ rí, á ní òun kàn fẹ́ mọ irú ènìyàn tó o jẹ́, ẹni yẹn á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, alága ìgbìmọ̀ yín á sì gbọ́ kó o tó pinnu bóyá o fẹ́ iṣẹ́ náà rárá. Èkó tóbi, àmọ́ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ inú rẹ̀ mọra. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti ọdún 2023 náà wà lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n òfin kò lè kó ọ̀rọ̀ tó ti jáde padà.

Lálẹ́ yìí ló fèsì. Ó ní ọ̀gá tó wà níbẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì, ìgbìmọ̀ olùdarí ni yóò pinnu, ẹnì kan sì wà nínú ilé lóòótọ́. Mo mọrírì bó ṣe sọ èyí tó kẹ́yìn. Àwọn ìgbìmọ̀ kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ti mú ẹni tiwọn tán lọ́kàn, wọ́n kàn fẹ́ rí ará ìta díẹ̀ tí wọn á fi wé e ni. Kò burú fún wọn, àmọ́ orúkọ mi ni wọn á fi dán an wò.

A jọ máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ Sátidé. Ọ̀rọ̀ ẹni inú ilé yẹn ni n ó kọ́kọ́ bi obìnrin náà léèrè: ọdún mélòó ló ti wà níbẹ̀, kí ló dé tí ìgbìmọ̀ kò fi kàn gbé e gorí àga? Mi ò ní fi ìwé ìtàn iṣẹ́ mi ránṣẹ́ kí n tó gbọ́ ìdáhùn yẹn àti orúkọ ilé iṣẹ́ náà.