Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Mi Ò Tíì Ní Ra Ọkọ̀

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wa fẹ́ ta Tóyótà Kòrólà wọn, wọ́n sì fi lọ̀ mí ní 4,200,000 náírà. Ohun tí mo ní nípamọ́ jẹ́ 2,400,000. Ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wa ṣe tán láti yá mi ní ìyókù. Ọkàn mi fà sí i gan-an, nítorí ó ti sú mi kí n máa sáré dúró sẹ́bàá títì nínú òjò. Síbẹ̀, mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n ta á fún ẹlòmíràn. Mo ra ìwé kékeré kan, mo sì ń kọ gbogbo owó ọkọ̀ tí mo bá san sínú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Àná ni mo ṣe àròpọ̀ rẹ̀.

Bàsírí ní Adó-Èkìtì ni mò ń gbé, ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni sì wà ní Ajílòsún. Takisí méjì ni mò ń wọ̀ lọ, méjì ni mò ń wọ̀ bọ̀, nítorí pé Òkèyinmi ni mo ti máa ń sọ̀ kí n tó wọ èkejì. Iye tí mo ná sí ìyẹn jẹ́ 144,000 náírà fún oṣù mẹ́sàn-án tí ilé ìwé fi ń ṣí. Ọkọ̀ tí mo pè lórí fóònù àti èyí tí mo gba dírọ́ọ̀pù nínú ìlú tún jẹ́ 144,000. Ìrìn àjò sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìkọ̀lé, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, gba 60,000; ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti òde gba 96,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 444,000 náírà.

Mo wá jókòó ṣírò ti Kòrólà tí mi ò rà. Tí n bá fi rin gbogbo ọ̀nà tí mo rìn lọ́dún yìí, yóò tó 5,500 kìlómítà. Ọkọ̀ tó ti dàgbà, tó ń gun òkè Adó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo ṣírò pé yóò fi lítà epo kan rin kìlómítà mẹ́wàá. Lítà 550 nìyẹn, ní 900 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan: 495,000. Epo nìkan ti ju gbogbo owó tí mo san fún àwọn awakọ̀ lọ! Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà á gbọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé èrò mẹ́rin tàbí márùn-ún la jọ ń pín epo takisí kan, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni ǹ bá máa dá gbé ẹrù epo ọkọ̀ mi. Nígbà tí lítà epo kò tíì tó 200 náírà, kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀rọ̀ náà ìbá yàtọ̀.

Lẹ́yìn epo ni ọ́ìlì, táyà méjì, owó mẹkáníìkì àti ìwé ọkọ̀, títí kan ìnṣọ́ránsì tó kéré jù, èyí tó ti di 15,000 náírà láti ọdún 2023. Mo fi 380,000 sí gbogbo ìyẹn. Èlé owó àjẹsẹ́kù jẹ́ 180,000 lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ di 1,055,000, mi ò sì tíì ka owó tí mo fi ra ọkọ̀ gan-an mọ́ ọn, nítorí ọkọ̀ ṣeé tà. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé 90,000 náírà ni wọn yóò máa yọ nínú owó oṣù mi fún ọdún méjì gbáko.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, mo ti tan ara mi jẹ. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ kì í kọ ìrìn tí kò rìn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìwé mi fún ibi tí mo fẹ́ lọ tí mi ò lọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Mọ́kàndínlógún jẹ́ ti inú Adó, òjò tàbí alẹ́ ló dá mi dúró. Méjìlá jẹ́ ti ìta ìlú, tó jẹ́ pé àfi kí n gba odidi ọkọ̀. Mo fi 2,500 sí ti inú ìlú, 25,000 sí ti ìta, ó sì di 347,500. Tí mo bá rò ó mọ́ ohun tí mo ná, ó jẹ́ 791,500. Ó ṣì kéré sí ti ẹni tó ní ọkọ̀, àmọ́ àlàfo náà ti dín kù gan-an.

Ọ̀kan nínú ìrìn wọ̀nyẹn kò ṣeé fowó díwọ̀n. Nínú oṣù Kẹjọ, wọ́n pè mí láti Ìkọ̀lé láago mẹ́wàá alẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ti ru sókè. Mo ṣí áàpù tí mo fi ń pe ọkọ̀. Awakọ̀ kan gbà, ó sì pè mí: "Mà, níbo lẹ ń lọ?" Bí mo ṣe dárúkọ Ìkọ̀lé, ó fagi lé e. Èkejì kò pè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ kò kúrò lójú kan lórí máàpù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti wá mọ̀ pé tí ọkọ̀ bá dúró gbagidi báyẹn, onítọ̀hún ń retí kí o fúnra rẹ fagi lé e ni. Aládùúgbò ló gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn. Ọkọ̀ àárọ̀ ni mo wọ̀, mo gba Ìwòròkò àti Ìfàkì kọjá pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n yè, a dúpẹ́.

Láti ìgbà yẹn, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé áàpù fún òru tàbí fún ìta ìlú mọ́. Ọ̀sán inú Adó ló dára fún. Mo lọ bá awakọ̀ méjì tí ilé wọn kò jìnnà sí tèmi, àwọn tí mo ti ń wọkọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, a sì jọ fẹnu kò sí 35,000 fún Ìkọ̀lé lóru. Mo yọ owó náà sọ́tọ̀, mi ò sì fọwọ́ kàn án fún nǹkan mìíràn. Nínú oṣù Kẹwàá, mo pe ọ̀kan láago mọ́kànlá alẹ́, ó sì dé ẹnu ọ̀nà mi kí n tó wọ bàtà tán.

Nítorí náà, mi ò ní ra ọkọ̀ kí ọdún 2028 tó parí. Mo fẹ́ máa fi 50,000 pamọ́ lóṣooṣù. Láàárín oṣù mẹ́rìndínlógójì, ìyẹn yóò di 1,800,000, iye tí ǹ bá yá gan-an. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ lè ti wọ́n kọjá ibẹ̀ nígbà náà. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023 ni owó tòkunbọ̀ ti ń sáré. Ṣùgbọ́n gbèsè tí yóò gba 90,000 lóṣù lọ́wọ́ mi báyìí, ìyẹn ni mi ò lè gbé.

Ohun kan ló lè mú mi yí ìpinnu padà kí ọdún mẹ́ta tó pé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń rò ó láti fi àwọn ọmọ wọn méjèèjì ránṣẹ́ sọ́dọ̀ mi, kí wọ́n máa bá mi lọ sí ilé ìwé. Takisí ń gba owó orí kọ̀ọ̀kan, epo ọkọ̀ ẹni kì í sì í lé sí i tí ọmọ méjì bá jókòó sẹ́yìn. Owó takisí lọ sí ilé ìwé tó jẹ́ 144,000 yóò di 432,000, 791,500 yẹn yóò sì di 1,079,500. Bó bá di bẹ́ẹ̀, yóò ti ju 1,055,000 tí mo ṣírò fún ọkọ̀ ara ẹni lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì ka epo ìrìn mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn mọ́ ti ọkọ̀. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án.

Mo ti ra ìwé tuntun. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀la: Adó sí Ìkọ̀lé, odidi ọkọ̀, 25,000. Ìyá mi ní kí n wá gbé iṣu, bẹ́ẹ̀ búùtù takisí èrò kì í gba iṣu tí wọ́n máa ń dì fún mi.