Kí Ẹ Tó Gba Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Sọ Nípa Oúnjẹ Ẹja

Tí ẹ bá la inú ẹ̀pìyà, ohun tó jẹ láìpẹ́ lẹ máa rí níbẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ ló ń sọ ohun tó ti ń jẹ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àwa tá à ń ṣiṣẹ́ lórí ẹja ní agbègbè Àbújá níbí fi máa ń gé ẹran funfun díẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹja, a ó gbẹ ẹ́, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó sì fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ wà. Nọ́ńbà méjì ló máa ń padà wá, tó ń sọ bí irú tó wúwo ṣe pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú tó fúyẹ́: δ13C fún kábọ́ọ̀nù, δ15N fún náítírójìn.

Nọ́ńbà kábọ́ọ̀nù ń tọ́ka sí irú ewéko tí oúnjẹ náà ti wá. Àgbàdo, ọkà bàbà, jéró àti èèsún máa ń wà nítòsí −12 tàbí −13. Ìrẹsì, sóyà àti ewé igi máa ń wà nítòsí −27 tàbí −28. Nọ́ńbà náítírójìn ń sọ bí ẹja ṣe ga tó nínú ẹni tó ń jẹ ẹni. Bí oúnjẹ bá ti di ẹran ara, náítírójìn rẹ̀ máa ń lọ sókè: 3.4 ni ìpíndọ́gba tí David Post kó jọ ní 2002, nígbà tí kábọ́ọ̀nù kàn ń fi nǹkan bí 0.4 gòkè. Ẹ kíyè sí i pé ìpíndọ́gba ni. 3.4 yẹn lè di 2.4 tàbí 4.4 láìṣe pé ohunkóhun bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ṣe ọ̀kan. Ẹ̀pìyà kan wà nínú adágún, δ13C rẹ̀ jẹ́ −22, δ15N rẹ̀ jẹ́ 9. Oúnjẹ méjì la fura sí. Èkíní ni àwọn ewéko tíntìntín tó ń sọ omi di aláwọ̀ ewé, −28 àti 6. Èkejì ni dúsà, ìyẹn èérí àgbàdo tí wọ́n ń dà sómi fún ẹja, −12.5 àti 4. Ẹ kọ́kọ́ yọ 0.4 kúrò lára kábọ́ọ̀nù ẹja, ó di −22.4. Láti −28 dé −22.4 jẹ́ 5.6, láti −28 dé −12.5 jẹ́ 15.5. Ẹ fi 15.5 pín 5.6, ó di 0.36. Ìyẹn ni pé dúsà ló pèsè bí 36% kábọ́ọ̀nù ẹja yẹn, ewéko omi ló pèsè ìyókù. Náítírójìn lẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò: 9 yọ 3.4 ku 5.6, bẹ́ẹ̀ àdàlù 36% àti 64% yẹ kó fún wa ní 5.3. Wọ́n súnmọ́ra dáadáa, ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí oúnjẹ bá ju méjì lọ, tá a sì fẹ́ ka ìyàtọ̀ àárín ẹja sí ẹja mọ́ ọn, la ń gbé e fún kọ̀ǹpútà. `simmr` ni èmi máa ń lò nínú R:

```r
library(simmr)
d <- simmr_load(mixtures = eja,
  source_names = oruko,
  source_means = apapo,
  source_sds = iyato,
  correction_means = afikun,
  correction_sds = afikun_sd)
plot(d)
m <- simmr_mcmc(d)
plot(m, type = "matrix")
```

Ẹ má kọjá `plot(d)` láìjókòó tì í. Ó máa fi àwọn oúnjẹ hàn gẹ́gẹ́ bí igun, á sì fi ẹja hàn láàárín wọn. Ẹja gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín àwọn igun yẹn. Ká ní 2.5 lẹ lò dípò 3.4 nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, náítírójìn tí ẹ ń wá á di 6.5, bẹ́ẹ̀ èyí tó ga jù nínú oúnjẹ wa jẹ́ 6. Kò sí bí ẹ ṣe lè po 6 pọ̀ mọ́ 4 kó tó 6.5. Kọ̀ǹpútà ò ní sọ fún yín o. Á fún yín ní ìpín ọgọ́rùn-ún tó dọ́gba tó sì dára lójú, nítorí ohun tá a ní kó ṣe ni pé kó pín 100% láàárín ohun tá a kọ sílẹ̀. Bí ẹja bá bọ́ síta, yálà àfikún tí ẹ lò, irú 3.4 yẹn, ni kò bá ẹja yín mu, tàbí ẹja ń jẹ nǹkan tí ẹ ò kọ sílẹ̀. Fún ẹ̀pìyà, mo máa ń kọ́kọ́ fura sí ìdin kòkòrò inú ẹrẹ̀.

Àbúrò kan nínú iṣẹ́ yìí gbé irú èsì tó dára lójú bẹ́ẹ̀ wá. Ó ti fi ewé igi tó ń já sómi kún oúnjẹ méjì yẹn, −28.5 àti 5.2.

"Ẹ̀gbọ́n, ewé igi ni ẹja yìí ń jẹ o. Ó tó 29%."

Mo ní, "Láti mélòó dé mélòó?"

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Láti 3 dé 61, sà."

Ẹni tó ní láti 3 dé 61 kò tíì sọ nǹkan kan. Ewé igi àti ewéko omi rẹ̀ ti súnmọ́ra jù, kọ̀ǹpútà ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Àwòrán `matrix` ló ń tú irú àṣírí yìí: bí ìpín ọ̀kan bá ti ń lọ sókè ni ti èkejì ń já wálẹ̀. `combine_sources` la fi so méjèèjì pọ̀, wọ́n di bí 64%, ìlà rẹ̀ sì tín-ín-rín. Inú àbúrò mi ò dùn sí i, ó fẹ́ràn ewé igi yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ lágbára láti sọ nìyẹn.

Irú rẹ̀ wà ní Kàínjì, ó sì le ju èyí lọ. Burgu, koríko tó ń hù nínú omi adágún náà, bá àgbàdo ṣe ẹ̀yà kan náà ní ti kábọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ ẹja tí wọ́n fi àgbàdo ṣe ló ń bọ́ ẹja adágún, kábọ́ọ̀nù nìkan ò lè dá a lóhùn. Náítírójìn lè ràn án lọ́wọ́ bí wọ́n bá po ẹja lílọ̀ mọ́ oúnjẹ náà. Bí kò bá sí i, ẹ la inú ẹja wò, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ rí yọ ohun tí kò lè jẹ́ òótọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ kí ẹ tó lo kọ̀ǹpútà.

Fún àrọ̀, ẹ wo ọ̀rá. Ọ̀rá máa ń fa δ13C lọ sísàlẹ̀, ẹja ọlọ́ràá á wá dà bí ẹni tí kì í fẹnu kan dúsà. Bí kábọ́ọ̀nù tá a fi náítírójìn pín, C:N, bá ju 3.5 lọ, ẹ fa ọ̀rá náà jáde kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, tàbí kí ẹ fi ìṣirò tún un ṣe.

Ìkẹyìn ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi omi méjì wéra. Ẹja tí náítírójìn rẹ̀ jẹ́ 12 ní adágún àárín ìlú kì í ṣe pé ó ga ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ 9 ní omi mímọ́ lọ. Omi ìdọ̀tí ilé àti ìgbẹ́ ẹran máa ń gbé náítírójìn gbogbo ohun tó wà nínú omi sókè. Ẹ kó ìṣáwùrú ní omi kọ̀ọ̀kan. Ewéko ló ń jẹ, ó sì ń pẹ́ láyé, ipò kejì nínú ẹni tó ń jẹ ẹni la máa ń fi í sí. Bí ìṣáwùrú bá jẹ́ 8 níbi tí ẹja ti jẹ́ 12, tó sì jẹ́ 5 níbi tí ẹja ti jẹ́ 9, ìyàtọ̀ jẹ́ 4 níbi méjèèjì. Ẹ fi 3.4 pín 4, ẹ fi 2 kún un: 3.2 fún àwọn méjèèjì. Ẹja méjì wọ̀nyí, ipò kan náà ni wọ́n wà. Ẹni tí kò bá kó ìṣáwùrú lọ́jọ́ tó kó ẹja, kò ní ohun tó máa fi mọ̀ ọ́n.